Kí ni ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ rí? Ọ̀rọ̀ lórí ògòǹgò, ọ̀gà àti ẹja wúrà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn nǹkan tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ nípa ẹranko tí kì í ṣe òótọ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé bí mo bá ní kí n máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú bá wa síbí. Ẹranko mẹ́ta péré ni mo mú wá: ògòǹgò tí wọ́n ní ó máa ń ki orí bọ iyanrìn bí ẹ̀rù bá bà á, ọ̀gà tí wọ́n ní àwọ̀ ohunkóhun tó bá dúró lé ló ń gbé wọ̀, àti ẹja wúrà tí wọ́n ní ohun tó bá rí kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ kó tó gbàgbé.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni màá máa bi yín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: kí ni ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí? Nítorí ẹni tó rí nǹkan, tó wá túmọ̀ rẹ̀ sódì, yàtọ̀ sí ẹni tí kò rí nǹkan kan rárá. Ọ̀nà tí a ó gbà tú irọ́ ti àkọ́kọ́ ká kọ́ ni a ó gbà tú ti èkejì.

Ẹ jẹ́ ká mú ògòǹgò ṣáájú. Nínú àlọ́ wa, òun ni ọba ẹyẹ, oyè náà sì tọ́ sí i. Láàárín gbogbo ẹyẹ tó wà láyé lónìí, kò sí èyí tó tóbi tó o. Akọ rẹ̀ tó ti dàgbà lè ga ju mítà 2 àti ààbọ̀ lọ, ó sì lè wọ̀n ju kìlógíráàmù 100 lọ. Kò lè fò, àmọ́ bó bá nasẹ̀ tán, ó lè sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 70 ní wákàtí kan. Ẹyinjú rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, kò sì sí ẹranko orí ilẹ̀ mìíràn tí ẹyinjú tirẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ọrùn gígùn ló gbé ojú náà sókè, tí ó fi ń rí ọ̀tá láti òkèèrè nínú pápá gbalasa tí kò sí igi. Bí ọ̀tá bá sún mọ́ ọn jù, ó ń fi ẹsẹ̀ ta á ní ìpá tó lè pa kìnnìún. Ẹyẹ tó ní irú ojú yìí, irú ọrùn yìí àti irú ẹsẹ̀ yìí ni wọ́n sọ pé ó ń fi orí pamọ́ sínú iyanrìn nígbà tí ewu bá dé.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ láyé. Ará Róòmù kan wà tí wọ́n ń pè ní Pílínì, ó kú ní ọdún 79 nígbà tí òkè Fẹsúfíọ́ọ̀sì bú gbàmù. Ó kọ ìwé ńlá kan lórí gbogbo ohun tó wà nínú ayé, ó sì dárúkọ ògòǹgò níbẹ̀. Ohun tó sọ ni pé bí ògòǹgò bá ti ti orí àti ọrùn rẹ̀ bọ inú ewéko, ó máa ń rò pé gbogbo ara òun ti sá pamọ́. Ẹ fetí sí i dáadáa. Inú ewéko ni Pílínì wí. Kò dárúkọ iyanrìn rárá. Ìyẹn ni pé ẹlẹ́rìí tó dàgbà jù tí wọ́n ń tọ́ka sí kò tiẹ̀ sọ ohun tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ sọ kiri. Àwọn tó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ ló gbé orí ẹyẹ kúrò nínú ewé, tí wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ Pílínì tó yẹ ká yà sọ́tọ̀. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ohun tí ojú lè rí: ẹyẹ tẹ orí ba, ewéko sì bò ó. Apá kejì jẹ́ ohun tí kò sẹ́ni tó lè rí: ó ní ẹyẹ náà rò pé òun ti sá pamọ́. Ta ló wọ inú ẹyẹ lọ gbọ́ èrò rẹ̀? Apá kejì yìí gan-an ló wá tàn kálẹ̀, nítorí òun ló dùn-ún fi bú èèyàn. Títí dòní, bí àwọn aláṣẹ bá kọ̀ láti kojú ìṣòro kan, àwọn oníwèé ìròyìn á ní wọ́n ń ṣe bí ògòǹgò.

Kí wá ni àwọn èèyàn ń rí nígbà tí wọ́n bá rí orí ògòǹgò nílẹ̀? Ìtẹ́ rẹ̀ ló gba iwájú. Ògòǹgò kì í kọ́ ìtẹ́ sórí igi. Akọ ló ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ títí yóò fi di kòtò pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 3, tí kò sì jìn púpọ̀. Abo mélòó kan ló máa ń yé sínú kòtò kan náà, àmọ́ ọ̀kan péré nínú wọn, ìyáálé, ló ń bá akọ sàba. Onímọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Bíráyànì Bátíràmù lọ ṣọ́ àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ní igbó ọba Sáfò ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. Ó rí i pé bí ẹyin bá pọ̀ ju ohun tí ara ẹyẹ kan lè bò lọ, ìyáálé á ti àwọn tó ṣẹ́kù sí ẹ̀gbẹ́ ìtẹ́. Kì í ṣe pé ó kàn ń ti èyí tó bá ti wà níwájú rẹ̀: ó mọ ẹyin tirẹ̀ yàtọ̀, ẹyin àwọn ìyàwó kékeré ló sì ń tì síta. Gbogbo iṣẹ́ yìí, ẹnu ló fi ń ṣe é. Ó tún ní láti máa yí àwọn ẹyin tó ń sàba lé lórí padà, kí ooru lè kárí wọn. Ẹyin kan lè wọ̀n tó kìlógíráàmù kan àti ààbọ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sì ni wọ́n fi ń sàba. Bí ẹnìkan bá wá dúró lókèèrè, tó rí ẹyẹ ńlá kan tó ga ju èèyàn lọ, tí ó tẹ̀ ba, tí orí rẹ̀ wọ inú kòtò ilẹ̀ tí kò hàn mọ́, tó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kó tó gbé e sókè, kí ni kò ní sọ? Ó rí òótọ́. Orí wọ ilẹ̀. Ẹyin tó wà níbẹ̀ ni kò rí.

Èkejì, bí ewu bá dé tí ògòǹgò kò lè sá, pàápàá nígbà tó bá wà lórí ẹyin, á dùbúlẹ̀ pẹlẹbẹ, á na ọrùn rẹ̀ tààrà sórí ilẹ̀, kò sì ní mira. Ọrùn àti orí rẹ̀ tín-ín-rín, àwọ̀ wọn kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ilẹ̀ gbígbẹ. Ara rẹ̀ tó kún fún ìyẹ́ nìkan ni yóò hàn, bí òkìtì ilẹ̀ lásán. Nínú ooru ọ̀sán, nígbà tí afẹ́fẹ́ orí pápá ń jó lójú, ẹni tó wà lókèèrè lè búra pé ẹyẹ náà kò lórí. Èyí gan-an ni ìfarapamọ́ rẹ̀, ó sì bọ́gbọ́n mu. Àwọ̀ ìyẹ́ pàápàá ń bá a ṣiṣẹ́: abo tí ìyẹ́ rẹ̀ dà bí eérú ló sábà máa ń sàba lójú ọ̀sán, akọ tó dúdú sì ń gbà á lálẹ́.

Bí ògòǹgò bá ki orí bọ iyanrìn lóòótọ́, ihò imú rẹ̀ tó wà lára ẹnu á dí, kò sì ní lè mí. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ká gbára lé ìyẹn nìkan. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé a ti mọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ rí, a sì mọ ibi tí ó ti ṣìnà.

Ọ̀gà ni ó kàn, a kò sì ní pẹ́ lórí tirẹ̀. Gbogbo yín lẹ mọ ìtàn ìgbà tí Olókun pe Olódùmarè níjà aṣọ wíwọ̀. Olódùmarè rán ọ̀gà lọ, gbogbo aṣọ tí Olókun bá sì wọ̀ jáde, irú rẹ̀ ló ń bá lára ọ̀gà, títí ó fi gbà pé bí ìránṣẹ́ bá lè rí báyìí, òun kò lè bá ọ̀gá rẹ̀ díje. Ìtàn iyì ni, mi ò sì wá síbí láti bu ẹnu àtẹ́ lu ìtàn àwọn baba wa. Ọ̀gà tó wà nínú oko ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Lóòótọ́ ni ọ̀gà ń pa àwọ̀ dà. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Ohun tí a fi kún un ni pé ibi tó bá dúró sí ló ń wò láti yan àwọ̀. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Jẹ̀nífà ní Siwitsaláńdì tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú ọ̀gà kan tó wà ní erékùṣù Madagásíkà. Wọ́n rí i pé nínú awọ rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó kún fún ègé kékeré tó ń dán, tí wọ́n jẹ́ èròjà gúánínì, tí wọ́n sì tò ní ìtẹ̀lé-ńtẹ̀lé. Bí ara ọ̀gà náà bá balẹ̀, àwọn ègé yìí á fún mọ́ra, ìmọ́lẹ̀ búlúù ni wọn yóò sì ta padà. Ìmọ́lẹ̀ búlúù yìí ń gba inú èròjà yẹ́lò tó wà lókè awọ kọjá, òun ni ojú wa fi ń rí àwọ̀ ewé. Bí akọ náà bá wá rí akọ mìíràn tó fẹ́ bá a jà, ara rẹ̀ á gbóná, àwọn ègé náà á jìnnà síra wọn, ìmọ́lẹ̀ yẹ́lò àti pupa ni wọn yóò sì máa ta padà. Kò pé ìṣẹ́jú mélòó kan tí gbogbo rẹ̀ fi ń yí.

Nítorí náà, ohun tó ń yí àwọ̀ ọ̀gà padà jù ni inú rẹ̀ àti ojú ọjọ́. Bí òtútù bá mú un láàárọ̀, á dúdú kí oòrùn lè tètè yá a lára. Bó bá sùn lóru, àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń ṣí. Bí ẹ̀rù bá bà á, á dúdú tàbí kí tóótòòtó yọ sí i lára. Pé ó jọ ewé àti ẹ̀ka igi jẹ́ ti àwọ̀ ìsinmi rẹ̀: ibi tí ẹ̀yà rẹ̀ ń gbé láti ayébáyé ni ewé àti ẹ̀ka. Irú àwọn ọ̀gà kékeré kan wà ní gúúsù Áfíríkà tí wọ́n ti rí i pé wọ́n ń tún àwọ̀ ara wọn ṣe díẹ̀ láti jọ ibi tí wọ́n wà bí wọ́n bá rí ẹyẹ apẹran, torí náà ìfarapamọ́ kò kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Àmọ́ àwọ̀ tí ọ̀gà lè gbé jáde ní òǹkà. Kò sí èyí tó lè di aṣọ àdìrẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀gà ti wúlò fún wa jù ni bí àwọn ọmọ wa ṣe ń dán an wò. Wọ́n á mú ọ̀gà lórí ewé, wọ́n á gbé e sórí aṣọ pupa, àwọ̀ rẹ̀ á yí, wọ́n á sì kígbe pé, “Ẹ ò rí i bí?” Wọ́n rí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni wọ́n yí padà lẹ́ẹ̀kan náà: wọ́n yí ibi tó wà padà, wọ́n sì fi ọwọ́ mú un, ọwọ́ èèyàn sì tó láti dẹ́rù bà á. Èwo nínú méjèèjì ló fa àwọ̀ tuntun? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ gbọ́dọ̀ mú un lọ́nà kan náà, kó tún gbé e padà sórí ewé tó ti mú un, kó sì wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ á yí síbẹ̀. Bó bá yí, aṣọ pupa kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ má gbàgbé ìgbẹ́yẹ̀wò kékeré yìí, nítorí a ó tún padà nílò rẹ̀.

Ó di ọ̀dọ̀ ẹja wúrà, òun sì ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Ẹja kékeré pupa rúsúrúsú ni, tí wọ́n ń fi sínú ìkòkò gíláàsì ní pálọ̀. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sìn ín, ó sì ti ju ẹgbẹ̀rún ọdún kan lọ. Wọ́n ní ohun tó bá rí, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3, ó ti gbàgbé, pé gbogbo ìgbà tó bá yí ìkòkò ká, ibi tuntun ló ń rò pé òun dé.

Ẹ bi í ní ìbéèrè wa: kí ni ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ rí? Ti ògòǹgò, orí wọlẹ̀. Ti ọ̀gà, àwọ̀ yí. Ti ẹja yìí, kò sí ohun kan tí èèyàn lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò gíláàsì wò tí yóò fi mọ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá 3 ni, tí kì í ṣe 2 tàbí 10. Ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ yíká kì í sọ fún ọ pé òun gbàgbé. Òǹkà tó ṣe pàtó bẹ́ẹ̀ yẹ kó ní ìwọ̀n tó bá a rìn, ìwọ̀n ọ̀hún kò sì sí. Èyí ló jẹ́ kí ó burú ju ti àwọn méjì ìṣáájú lọ: kò sí òótọ́ kankan lábẹ́ rẹ̀ tí a lè yọ síta.

Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù nípa rẹ̀ ni èyí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fẹ́ mọ bí ọpọlọ ṣe ń tọ́jú ohun tó kọ́, ẹja wúrà gan-an wà lára àwọn ẹranko tí wọ́n yàn. Ní àárín ọdún 1960 sí 1969, ní yunifásítì Mísígàn ní Amẹ́ríkà, Bánádì Agiránọ́ọ̀fù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àpótí omi kan tó ní apá méjì, ìdènà kékeré sì wà láàárín lábẹ́ omi, tí ẹja lè gba orí rẹ̀ kọjá. Wọ́n á fi ẹja kan sí apá kan, wọ́n á tan iná sí apá náà. Bí ẹja kò bá kọjá sí apá kejì láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, iná mànàmáná tí kò lágbára á gbọ̀n ọ́n. Bó bá ti kọjá, ìnira á tán. Lẹ́yìn náà wọ́n á pa iná, wọ́n á jẹ́ kó sinmi, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà 20 ni wọ́n ṣe é fún ẹja kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹja kò mọ ohun tí iná túmọ̀ sí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ní kété tí iná bá tàn, kí mànàmáná tó dé. Ibi yìí nìkan tó láti parí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá 3. Láàárín ìgbìyànjú kan àti èkejì, àkókò tó kọjá ju ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ẹja ti gbàgbé èyí tó ṣáájú, gbogbo ìgbà 20 náà ni ì bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ lójú rẹ̀, kò sì ní sí ìtẹ̀síwájú kankan.

Ṣùgbọ́n wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n dá ẹja padà sínú omi rẹ̀, wọ́n sì tún mú un wá lọ́jọ́ kẹrin. Ó ṣì ń rántí: iná tàn, ó kọjá. Ní báyìí wọ́n mú ẹja mìíràn tí wọ́n kọ́ bákan náà, àmọ́ ní kété tí ẹ̀kọ́ parí, wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fún un ní oògùn kan tí wọ́n ń pè ní puromáísìnì lórí. Iṣẹ́ oògùn yìí ni láti dá sẹ́ẹ̀lì dúró kí ó má lè ṣe èròjà amúaradàgbà tuntun. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹja yìí dà bí èyí tí wọn kò kọ́ rí. Àwọn kan wà tí wọ́n fún ní oògùn yìí lẹ́yìn tí wákàtí kan ti kọjá lórí ẹ̀kọ́. Àwọn wọ̀nyẹn kò gbàgbé. Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n fún kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ dáadáa lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrin, ó ti lọ.

Ẹ rí ohun tí èyí ń sọ. Ìrántí ẹja pín sí méjì. Ọ̀kan wà fún ìsinsìnyí, oògùn náà kò sì dí i lọ́wọ́. Èkejì wà fún ọjọ́ pípẹ́, láàárín wákàtí kan tó tẹ̀lé ẹ̀kọ́ ni ọpọlọ ń kọ́ ọ, èròjà tuntun ló sì fi ń kọ́ ọ. Ẹja tí ayé ń fi gbàgbégbàgbé pè wà lára àwọn tó kọ́ wa bí ìrántí ṣe ń fìdí múlẹ̀. Ìgbẹ́yẹ̀wò náà sì mọ́ tónítóní, nítorí gbogbo àwọn ẹja náà gba ẹ̀kọ́ kan náà, àkókò tí oògùn wọlé nìkan ló yàtọ̀. Ohun tí àwọn ọmọ wa kò ṣe fún ọ̀gà nìyẹn.

Ní ọdún 1994, àwọn onímọ̀ ní Púlímọ́ọ̀tù ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé nǹkan mìíràn jáde tí kò ní ìnira nínú. Wọ́n fi ọ̀pá kékeré kan sínú omi tí ẹja wúrà lè tì kí oúnjẹ bọ́ sílẹ̀. Àwọn ẹja náà kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ pé wákàtí kan péré láàárín ọjọ́ ni ọ̀pá yóò fi máa mú oúnjẹ wá. Nígbà tó yá, ìgbà tí wákàtí náà bá ń sún mọ́ ni àwọn ẹja ń pọ̀ sí i nídìí ọ̀pá. Wọn kò rántí ibi tí oúnjẹ wà nìkan, wọ́n tún mọ àsìkò rẹ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí tọkàntọkàn. Irọ́ orí ògòǹgò kò pa ògòǹgò lára. Ṣùgbọ́n ti ẹja wúrà ni wọ́n fi ń dá ara wọn láre tí wọ́n fi ń há a mọ́ inú ìkòkò tí kò gba ju omi ìgò mélòó kan lọ. Wọ́n á ní, “Kò kúkú mọ̀ pé ibì kan náà lòun wà.” Ẹja yìí, bó bá rí omi tó pọ̀, lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, ó sì lè gbé ju ogún ọdún lọ. Ẹ̀yà ara tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ ló ń gbà tú amóníà, ìdọ̀tí olóró inú ara rẹ̀, síta sínú omi tó ń gbé, amóníà sì ń jó ẹ̀yà ìmí kan náà. Nínú omi púpọ̀ tó ní asẹ́, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń sọ amóníà di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìkòkò kékeré tí kò ní asẹ́, ó ń gbára jọ ni. Ẹ ó rí ẹja náà tó wá sójú omi, tó ń la ẹnu mu afẹ́fẹ́, tí ẹ̀yà ìmí rẹ̀ pupa tàbí tí ó dákẹ́ sí ìsàlẹ̀. Ó kú láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ ṣe kúrú. Majele tó mu kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ohun tó rántí.

Bàbá kan lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn nawọ́. Wọ́n ní àwọn ń sin ẹja àrọ̀ nínú kọnkéré lẹ́yìn ilé, pé kí àwọn tó dé etí omi ni ẹja ti ń kó jọ sí igun tí àwọn ti ń fún wọn lóúnjẹ, ṣé irú ìrántí yẹn náà ni?

Ẹ ṣeun, bàbá. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹja àrọ̀ àti ẹja wúrà jọ ní àwọn eegun kékeré kan tó so àpò afẹ́fẹ́ inú wọn mọ́ etí inú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbọ́ràn ju ọ̀pọ̀ ẹja lọ. Ní ọdún 1923, Kárì fọn Fíríìṣì, onímọ̀ ará Ọ́sítíríà, kọ̀wé nípa ẹja kan tó jẹ́ ìbátan àrọ̀, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tó ń gbé inú ọ̀pá amọ̀ oníhò kan nínú omi. Ó máa ń súfèé kó tó fún un lóúnjẹ. Kò pẹ́ tí ẹja náà fi ń jáde bó bá ti gbọ́ ìfé, kí oúnjẹ tó wọ omi.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú nípa tiyín, ẹ ṣọ́ra fún ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gà. Ìró ẹsẹ̀ yín ń gba ilẹ̀ wọ inú omi, òjìji yín ń ṣú lé e, àsìkò oúnjẹ náà sì ti tó. Nǹkan mẹ́ta lẹ kó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ohun kan tí wọn kò mọ̀ rí, bíi kí ẹ fi òkúta kan kọnkéré nígbà mẹ́ta. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kàn án, ẹ ka oókan títí dé ẹ̀wá, kí ẹ tó da oúnjẹ sí igun kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbẹ̀ ní àsìkò tí kì í ṣe ti oúnjẹ, ẹ rìn débẹ̀, ẹ dúró, ẹ má kan ohunkóhun. Ẹ wo iye tó wá. Lọ́jọ́ kejì, ní irú àsìkò kan náà, ẹ rìn débẹ̀, ẹ dúró bákan náà, ẹ wá kàn án. Bí iye tó wá kò bá yàtọ̀, ẹsẹ̀ yín ni wọ́n mọ̀, wọn kò mọ òkúta. Bó bá yàtọ̀ gédégbé, òkúta ni wọ́n kọ́. Ẹ wá fi òkúta sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa fún wọn lóúnjẹ ní igun mìíràn láìkàn án, kí ẹ tó padà sí igun àkọ́kọ́ lọ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ju ìgbà kan tàbí méjì lọ tí ẹ ó kàn án láìsí oúnjẹ, nítorí bí ó bá pọ̀, wọ́n á kọ́ ìyẹn náà.